Bí a ṣe ń yanjú ìdọ́gba dy/dx tó ṣeé pín, àti ìdí tí kíkó y síhìn-ín àti x sọ́hùn-ún fi bófin mu

Ẹ wo ìdọ́gba yìí:

dy/dx = 2xy²

Ohun tó ń sọ ni pé níbikíbi tí x bá dé, bí y ṣe ń yára yí padà níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì x, lọ́nà y, lọ́nà y lẹ́ẹ̀kan sí i. A ò mọ y fúnra rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ nìkan la mọ̀. Iṣẹ́ wa ni láti wá y jáde. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló lè ṣe é láì ronú rárá: wọ́n á kó y sápá òsì, wọ́n á kó x sápá ọ̀tún, wọ́n á fi ∫ síwájú méjèèjì, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n gbé dx kúrò lábẹ́ dy, ẹ ó rí i pé ilé á pa lọ́lọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn ṣi iṣẹ́ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé pín

Apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun méjì tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn: ọ̀kan tí x nìkan wà nínú rẹ̀, èkejì tí y nìkan wà nínú rẹ̀. Nínú tiwa, 2x dá wà, y² dá wà, nítorí náà ó ṣeé pín. dy/dx = x + xy náà ṣeé pín bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé x(1 + y) ni.

dy/dx = x + y ni kò ṣeé pín. Àwọn kan á sáré kọ dy/y = x dx sílẹ̀, bí ẹni pé àmì + ti di àmì ×. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi y = 0 sínú x + y, kí ẹ sì tún fi y = 1 sí i. Nígbà tí x jẹ́ 1, ohun tí ẹ ó rí á kúrò ní 1, á di 2: ìlọ́po méjì nìyẹn. Nígbà tí x jẹ́ 2, á kúrò ní 2, á di 3: ìlọ́po kan àtààbọ̀ péré. Ká ní x àti y dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìlọ́po yẹn kò ní yí padà nítorí pé x yí padà. Irú ìdọ́gba báyìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí a fi ń yanjú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí à ń sọ lónìí.

Kí ló dé tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹnì kan lè ní: ṣebí a fẹ́ kúrò ní dy/dx padà sí y, kí ló dé tí a ò kúkú íńtígírétì apá ọ̀tún bó ṣe wà? Ẹ gbìyànjú rẹ̀. ∫ 2xy² dx ni ẹ fẹ́ wá. Àwọn tó máa ń ṣe é báyìí á kọ x²y², nítorí wọ́n ka y sí nọ́ḿbà tó dúró sójú kan. Kò sì dúró sójú kan. Bí x ṣe ń sún ni y ń sún, bó sì ṣe ń sún gan-an ni ohun tí à ń wá. A ò lè íńtígírétì ohun tí a ò tíì mọ̀. Òun ló fi jẹ́ pé y gbọ́dọ̀ kúrò ní apá ọ̀tún kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ẹ fi y² pín apá méjèèjì:

(1/y²) · dy/dx = 2x

Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì ya dy kúrò lára dx. Pínpín lásán la ṣe. Apá ọ̀tún ti rọrùn báyìí: x² ni yóò fún wa. Apá òsì ló dà bíi pé ó le, ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé kí ni a lè dífẹ́rẹ́ńṣíétì tí yóò fún wa ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ mú −1/y. Tí y nìkan bá ni à ń wò, dífẹ́rẹ́ńṣíétì −1/y á fún wa ní 1/y². Ṣùgbọ́n y fúnra rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú x, ṣéènì rúùlù sì ní kí a fi dy/dx sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí a ó rí ni (1/y²) · dy/dx, òun gan-an ló sì wà lápá òsì.

Nígbà náà, ohun méjì ló wà níwájú wa, −1/y àti x², tí bí wọ́n ṣe ń yí padà bára mu níbi gbogbo. Ohun méjì tó bá ń rìn bákan náà kò lè fi ju nọ́ḿbà kan tó dúró sójú kan yàtọ̀ síra:

−1/y = x² + C

Gbogbo àlàyé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá kọ dy/y² = 2x dx, kúkúrú ọ̀rọ̀ tó dúró fún gbogbo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí ni ẹ kọ. Leibniz, ará Jámánì tó gbé àmì dy/dx jáde nínú ìwé ní 1684, tó sì fi ọ̀nà pínpín yìí ránṣẹ́ sí Huygens nínú lẹ́tà ní 1691, ló yan àmì náà lọ́nà tó fi jẹ́ pé ṣéènì rúùlù máa ń rí bí ìgbà tí dy òkè bá pa dy ìsàlẹ̀ rẹ́. Àmì náà dára débi pé ó ń jẹ́ kí a gbàgbé òfin tó wà nídìí rẹ̀.

Ibi tí C gbọ́dọ̀ ti wọlé

C gbọ́dọ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀ tí a bá íńtígírétì, kí a tó yí ìdọ́gba náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ −1/y = x², á yí i sí y = −1/x², lẹ́yìn náà ló máa wá rántí, á lẹ C mọ́ ọn nídìí: y = −1/x² + C.

Ẹ jẹ́ ká dán èyí wò. Tí a bá dífẹ́rẹ́ńṣíétì rẹ̀, 2/x³ la ó rí. Apá ọ̀tún ìdọ́gba wa ń kọ́? Ẹ fi y yìí sínú 2xy², ẹ ó rí 2/x³ − 4C/x + 2C²x. Méjèèjì kò dọ́gba àfi tí C bá jẹ́ 0. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ìdáhùn tó kọ, ẹyọ kan ló tọ̀nà. Èyí tó tọ̀nà ni

y = −1/(x² + C)

níbi tí C ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú x². Ká ní wọ́n sọ fún wa pé y jẹ́ 1 nígbà tí x jẹ́ 0, −1/C = 1, C á jẹ́ −1, ìdáhùn wa á sì di y = 1/(1 − x²).

Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Tí x bá dé 1, ìsàlẹ̀ á di 0, y á sì ti ròkè lọ láìlópin. A bẹ̀rẹ̀ ní x = 0, nítorí náà àárín −1 sí 1 nìkan ni ìdáhùn yìí dé. Ẹni tó bá fi x = 2 sí i á rí −1/3, ṣùgbọ́n y tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 kò lè ti orí ògiri yẹn fò dé ọ̀hún. Nínú ìdọ́gba fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó kìlọ̀ fún wa pé èyí á ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn la ti ń rí i.

Ohun tí pínpín gbé sọnù

A fi y² pín níṣàájú. Ta ló sọ fún wa pé y kì í ṣe 0? Ẹ fi y = 0 sínú ìdọ́gba: òsì 0, ọ̀tún 0. Ìdáhùn tó péye ni, àmọ́ kò sí C kankan tí ẹ lè fi sínú −1/(x² + C) tí yóò fún yín ní 0. A ti sọ ọ́ nù nígbà tí a ń pín. Kí ẹ tó pín, ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi pín, ẹ béèrè iye y tó lè sọ ọ́ di 0, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tó dá dúró. Tí ìbéèrè bá wá sọ pé y jẹ́ 0 nígbà tí x jẹ́ 0, ẹni tí kò kọ ọ́ á máa wá C títí, kò ní rí i.

Tí lọ́gárídíìmù bá wọ̀ ọ́

Newton ló ṣàlàyé ní 1701 pé bí ohun gbígbóná ṣe ń yára tutù sinmi lórí bó ṣe gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ tó. Ká ní ife omi kan wà nínú yàrá tó jẹ́ 28°C. Tí T bá jẹ́ ìgbóná omi, tí t jẹ́ ìṣẹ́jú, tí k sì jẹ́ nọ́ḿbà kan tó dúró sójú kan:

dT/dt = −k(T − 28)

Ohun tí a fẹ́ fi pín ni T − 28, nítorí náà a kọ T = 28 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: omi tó bá ti bá yàrá dọ́gba á dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà:

dT/(T − 28) = −k dt
ln|T − 28| = −kt + C

Ọ̀pá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ T − 28 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lọ́gárídíìmù kì í gba nọ́ḿbà tó kéré sí 0, bẹ́ẹ̀ T − 28 lè kéré sí 0. Tí a bá tú ln kúrò, |T − 28| = e^C · e^(−kt). e^C kò lè kéré sí 0 láé, ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ ọ̀pá méjèèjì kúrò, àmì + tàbí − lè wà níwájú rẹ̀. A ó pe òun àti àmì rẹ̀ ní A:

T = 28 + A e^(−kt)

Níhìn-ín, A = 0 dá T = 28 tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan padà fún wa, ohun tí ìdọ́gba àkọ́kọ́ kò lè ṣe. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń kọ e^(−kt) + e^C: e^(−kt + C) la ní, ìsọdipúpọ̀ ló ń jáde níbẹ̀, kì í ṣe àròpọ̀.

Ká ní omi náà jẹ́ 88°C nígbà tí a gbé e kalẹ̀, A jẹ́ 60. Tó bá di 58°C lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ohun tó fi ju yàrá lọ ti kúrò ní 60, ó di 30, ìdajì. Nítorí náà ìṣẹ́jú 10-10 ló ń dín sí ìdajì: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 á jẹ́ 43°C, lẹ́yìn 30 á jẹ́ 35.5°C. k = (ln 2)/10, ìyẹn nǹkan bíi 0.069 ní ìṣẹ́jú kan.

Ní báyìí, ẹ bu omi fíríìjì tó jẹ́ 8°C sínú ife kan náà, kí ẹ sì gbà pé k kò yí padà. T − 28 jẹ́ −20, nítorí náà A = −20. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, T = 28 − 10 = 18°C. Ẹni tó ti pinnu pé A kò lè kéré sí 0 nítorí pé e^C ni, á kọ 20 dípò −20, á sì sọ fún wa pé omi fíríìjì di 38°C nínú yàrá tí kò ju 28°C lọ.