Ara Tó Sú Lẹ́yìn Ọṣẹ, Ìpara Tàbí Oúnjẹ Tuntun: Ohun Tí Fọ́tò Lè Sọ Fún Wa

Ìyàwó àgbẹ̀ kan nítòsí Kétu fi fọ́tò ọrùn àti apá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, edé tí mo jẹ lọ́sàn-án yìí ni." Iná fóònù ló fi yà á, ìmọ́lẹ̀ sì ti mú kí gbogbo ara náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Lára ènìyàn dúdú, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Òjìji ibi tó wú ló yẹ kí á máa wò. Mo ní kó pa iná náà, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Fọ́tò kejì yàtọ̀. Kókó wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀, ara náà rí gbàrà-gbàrà, ó sì dúró gan-an níbi tí ọwọ́ rẹ̀ fi ìpara dé. Kò sí nǹkan kan ní ikùn tàbí ẹsẹ̀. Mo bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ní láti àná, kó tó jẹ edé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń lo ìpara tuntun kan.

Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 ló sábà máa ń gbà kó tó jáde. Á wú bíi pé ẹ̀fọn jẹ ènìyàn, àmọ́ á fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ó lè yọ níbikíbi lára. Wíwú kọ̀ọ̀kan á rọlẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, òmíràn á sì yọ níbòmíràn. Èyí tí ìpara fà kì í ṣí nípò. Ó sábà máa ń jáde lẹ́yìn ọjọ́ 1 sí 3, lára ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ nǹkan náà rí.

Nítorí náà, ẹ fi bírò yí ibi kan tó wú ká, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tún un yà lọ́jọ́ kejì ní ibi kan náà. Ẹ̀rí yìí ni mo gbẹ́kẹ̀lé ju ohun tí ènìyàn rò pé ó fà á lọ, nítorí ọṣẹ pàápàá lè fa èyí tí ń ṣí kiri. Bí wíwú bá kọjá wákàtí 24 lójú kan, tó ń dunni, tó sì fi àpá dúdú sílẹ̀, kí dókítà wò ó.

Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí ohùn há, tí mímí di ìṣòro, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ẹ má ya fọ́tò kankan o. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrẹnalíìnì ni yóò nílò. Sẹtirisíìnì, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, kò tó.

Lọ́jọ́ kejì, ìsú náà ṣì wà nínú òrùka bírò tí ìyá yìí fà, ojú rẹ̀ sì ti ń bó. Ó pa ìpara náà tì, ó fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, kò fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìpara abóra kankan sí i. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí yíyún tó tán.