Bí Mo Ṣe To Ìdánwò Omi àti Òkúta Kannakánná Jọ ní Ilé-Ifẹ̀

Kannakánná tí à ń rí lórí ààtàn níbí ní funfun láyà àti lọ́rùn. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà ní erékùṣù Niu Kalẹdóníà, nínú òkun Pàsífíìkì, tó dúdú látòkè délẹ̀. Ìyẹn a máa fi ẹnu gbẹ́ igi wẹ́wẹ́ kó lè fi wá kòkòrò jáde nínú ihò. Òun ni wọ́n lò nínú ìdánwò tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ tò jọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ìdánwò náà rèé. Wọ́n gbé ike gbọọrọ kan kalẹ̀ tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Omi wà nínú rẹ̀, oúnjẹ léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ kò tó o. Òkúta wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí ẹyẹ bá ń ju òkúta sínú ike, omi á máa gòkè títí ẹnu rẹ̀ á fi tó oúnjẹ. Christopher Bird àti Nathan Emery fi oríṣi mìíràn nínú ẹbí kannakánná ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ẹyẹ mẹ́rin ni wọ́n lò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì rí kòkòrò tó wà lójú omi jẹ. Ní 2014, Sarah Jelbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti ẹyẹ Niu Kalẹdóníà jáde. Ẹyẹ mẹ́fà ni tiwọn, ìdánwò tí wọ́n fún wọn sì jẹ́ mẹ́fà.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ SS 2, ọ̀kan nínú wọn nawọ́. Ó ní, "Sà, ṣebí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ẹyẹ náà bí wọ́n ṣe ń ju òkúta? Bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ọ náà ló ṣáà ń ṣe." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti kọ́ àwọn ẹyẹ náà láti máa ju òkúta sínú ike kó tó kan omi rárá. Ohun tí ìdánwò náà ń wádìí ni ibi tí ẹyẹ yóò ju òkúta sí, àti irú nǹkan tí yóò jù. Mo rí i pé àlàyé ẹnu kò ní tó, mo sì pinnu láti to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì láìlo ẹyẹ kankan.

Ike ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgò tí àwọn ìyá ẹlẹ́pà ń di ẹ̀pà sí wà káàkiri Lágéré, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ há. Bí ọrùn bá há, òkúta kan náà á gbé omi sókè díẹ̀ nísàlẹ̀, á sì gbé e sókè púpọ̀ lókè, ìṣirò á sì dàrú. Ike tí ara rẹ̀ dọ́gba látìsàlẹ̀ dókè ni mo wá rí, tí ìdábùú òbírí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Mo ki òkúta sínú síríńdà ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣa àwọn tó gbé omi sókè ní mílílítà 10 sọ́tọ̀. Nínú ike mi, irú òkúta bẹ́ẹ̀ kan ń gbé omi sókè ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí oúnjẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 jìnnà sí ẹnu ẹyẹ, òkúta márùn-ún á mú un dé.

Ìdánwò kìíní fi ike omi sí ẹ̀gbẹ́ ike iyanrìn, oúnjẹ sì wà nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé jíju òkúta sí ibi tí oúnjẹ wà ló ń wu ẹyẹ, kò yẹ kó mọ ìyàtọ̀. Èkejì fún un ní nǹkan tó ń rì àti nǹkan tó ń léfòó. Mo gé fóòmù fún ti èyí tó ń léfòó: ó kàn jókòó sójú omi ni, omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ẹ̀kẹta ló gbà mí lákòókò jù. Nǹkan méjì tí wọ́n tóbi bákan náà ni, tí àwọn méjèèjì ń rì, ṣùgbọ́n tí inú ọ̀kan ṣófo tí omi ń gbà á kọjá. Mo fi sìmẹ́ńtì mọ ọ̀kan, mo fi wáyà tẹ èkejì bí àgò. Àgò wáyà náà rì, omi kò sì gòkè tó ohun tí ojú lè rí. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ike méjì tí omi ọ̀kan ga, tí ti èkejì sì lọ sílẹ̀ débi pé òkúta kò lè gbé e dé. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èyí tó yẹ ni àwọn ẹyẹ náà ń yàn jù.

Níbi ìdánwò fífẹ̀ ni wọ́n ti kùnà: ike tóóró àti ike gbẹ̀ǹgbẹ̀, tí omi inú wọn ga bákan náà. Gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí mo lò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Òkúta márùn-ún tó mú oúnjẹ dé nínú tóóró kò gbé omi inú gbẹ̀ǹgbẹ̀ kọjá nǹkan bíi 0.6, nítorí ojú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Nǹkan bí ogún òkúta ló ń fẹ́. Àwọn ẹyẹ náà kò fi tóóró ṣe ààyò.

Ìdánwò ìkẹyìn ni mo gbádùn jù. Ike mẹ́ta wà lórí ìlà kan. Oúnjẹ wà nínú ti àárín, èyí tó há débi pé òkúta kò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀kan péré nínú méjì tó kù ló ní ọ̀nà abẹ́ tó so ó pọ̀ mọ́ àárín, wọ́n sì fi ọ̀nà náà pamọ́. Àwọ̀ ara ike nìkan ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Mo fi rọ́bà dírípù so tèmi pọ̀, mo fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi páálí bo ìdí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ omi àárín kò gòkè rárá, kò sì sí ibi tó ń jò. Afẹ́fẹ́ ló há sínú rọ́bà. Mo da gbogbo rẹ̀ dẹ̀gbẹ́, mo fi ìka ta rọ́bà náà títí afẹ́fẹ́ fi jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta kan ń gbé omi méjèèjì sókè ní nǹkan bíi 0.4.

Àwọn ẹyẹ náà kùnà níbí pẹ̀lú. Mo ní kí kíláàsì ronú sí i dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń mú ẹyẹ ṣe é ni pé ó ń rí oúnjẹ tó ń súnmọ́ ọn bó ti ń ju òkúta, ó yẹ kó kọ́ èyí náà, torí oúnjẹ ń súnmọ́ ọn níbí bákan náà. Àmọ́ kò rí omi tó ń gòkè níbi tí òkúta wọ̀, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìkùnà yìí kọ́ wa ju àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa lọ. Ó ń fi hàn pé ẹyẹ náà ń wo bí òkúta àti omi ṣe kan ara wọn. Ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ó mọ̀ pé àyè tí òkúta gbà ló ń ti omi sókè. Bó bá mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí ike gbẹ̀ǹgbẹ̀ tàn án.

Wọ́n ti fi irú ìdánwò yìí lọ àwọn ọmọdé pẹ̀lú, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2012. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ tó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tún dìde. Ó ní kí a yọ páálí kúrò nídìí ike mẹ́ta yẹn, kí rọ́bà hàn kedere, ká wá wo bóyá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á wá mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé omi inú rọ́bà kò ní àwọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i bó ṣe ń rìn. Ó ní ká pò ó pọ̀ mọ́ aró. A ti rí aró, ó ku kí n pààrọ̀ rọ́bà náà sí èyí tó mọ́ jù ú lọ.