Bá a ṣe ń ra ọjà tí wọ́n fa ìlà pa owó tó wà lórí ẹ̀

Lọ́dún tó kọjá mo ra bíléńdà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ 68,000 náírà síbẹ̀, wọ́n wá fa ìlà pupa gba àárín ẹ̀ kọjá, wọ́n kọ 39,500 gàgàrà sábẹ́ ẹ̀, wọ́n tún lẹ 42 pásẹ́ǹtì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú mi dùn, mo ṣe bí ẹni tó jèrè 28,500. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan iná ládùúgbò wa, mo bá bíléńdà yẹn gan-an níbẹ̀, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀ kan náà, 38,000. Kò sí ìlà kankan lórí ẹ̀, obìnrin tó ń tà á ò sì pariwo ẹ̀dínwó, iye tó máa ń tà á náà nìyẹn.

Ohun tó mú mi ni pé mi ò mọ iye tí wọ́n ń ta bíléńdà rárá. Ìrẹsì tí mò ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fa ìlà kankan kó fi tàn mí, torí mo mọ iye tí kóńgò kan ń lọ lọ́jà. Àmọ́ nǹkan téèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ rí ni ọkàn ẹ̀ máa so mọ́, bíi ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó lè jẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó lè jẹ̀ díẹ̀ sósì, ibi tí okùn ẹ̀ bá gùn dé náà ló máa mọ. 68,000 ni èèkàn tèmi. Mo rí i lójú ara mi pé wọ́n ti pa á rẹ́, síbẹ̀ òun ni mo fi ń wọn 39,500, ìdí tí 39,500 fi dà bí owó kékeré lójú mi nìyẹn.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ ti gbọ́n jù ú lọ o. Lọ́dún 1974, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, kọ̀wé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe, wọ́n yí àgbá kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lójú àwọn èèyàn, wọ́n ti ṣe àgbá yẹn kó lè jẹ́ pé orí 10 tàbí 65 nìkan láá máa dúró sí. Wọ́n wá bi àwọn èèyàn yẹn pé nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn tí tiwọn dúró sí 10, ìdáhùn tó bọ́ sí àárín tiwọn jẹ́ 25, àwọn tí tiwọn dúró sí 65, tiwọn jẹ́ 45. Kí ló kan àgbá nínú ọ̀rọ̀ Áfíríkà? Nọ́ńbà tí ò nítumọ̀ náà fà wọ́n, kẹ́ ẹ wá máa rò ó ti nọ́ńbà tí ọlọ́jà fara balẹ̀ yàn.

Torí náà èèkàn tiyín ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí ojú ìwé tí ọjà yẹn wà. Ẹ bi ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń tà á tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ẹ sọ nọ́ńbà ìdí ẹ̀ fún wọn torí bíléńdà lítà kan ààbọ̀ méjì lè jọra kí owó wọn má jọra. Iye tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, bíi "37,000 sí 41,000". Tẹ́ ẹ bá ti wá rí owó tí wọ́n fa ìlà sí ṣáájú ńkọ́? Ẹ pa á dé dọjọ́ kejì, ẹ wá béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé "wọ́n ní 68,000 ni tẹ́lẹ̀", torí tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ ti rì í sí ọkàn ẹni tẹ́ ẹ ń bi nìyẹn, òun náà á wá fi dá yín lóhùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ojú ìwé ọjà, ẹ fi àtàǹpàkò bo owó tí wọ́n pa rẹ́ àti pásẹ́ǹtì yẹn. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ fi ọwọ́ bò ó lójú fóònù. Ẹ wá bi ara yín pé tó bá jẹ́ 39,500 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé màá rà á?

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣírò ẹ̀, àmọ́ iye tẹ́ ẹ kọ sínú fóònù ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́, ẹ má fi ti ọlọ́jà yọ ọ́. Tèmi rèé: 39,500 pẹ̀lú owó tí wọ́n fi gbé e wá, 2,500, ó di 42,000. Ṣọ́ọ̀bù ń tà á ní 38,000. Mo rò pé mo jèrè 28,500, mo ti fi 4,000 ṣòfò.

Tí ọjà ò bá kánjú, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn sínú fóònù lónìí, ẹ tún yà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún yà á níparí oṣù. Mo ti rí i tí iye tí wọ́n ń tà á dúró sójú kan ṣùgbọ́n tí owó tí wọ́n fa ìlà sí ń ga sí i, ẹ̀dínwó wá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dín kọ́bọ̀. Àwọn míì máa fi aago síbẹ̀ pé ó ku wákàtí méjì, ẹ pa dà lọ́la, ó tún ku wákàtí méjì. Àwọn tó bá ń rajà ní Amazon, ìkànnì kan tó ń jẹ́ camelcamelcamel ń tọ́jú iye tí wọ́n ti ta ọjà kan láti ẹ̀yìn wá, ẹ wò ó níbẹ̀. Láti ọdún 2022 sì ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí ẹni tó bá kéde ẹ̀dínwó fi iye tó kéré jù tó ta ọjà náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú hàn. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, kódà níbi tí òfin yẹn ò dé: èló ló kéré jù tẹ́ ẹ tà á lóṣù tó kọjá?

Ẹ̀dínwó gidi wà o, ọjà tó fẹ́ ẹ́ pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù tí tuntun ẹ̀ ti jáde, wọ́n á dín in lóòótọ́, iye tẹ́ ẹ kọ sínú fóònù á sì jẹ́rìí sí i. Kí ló wá dé tí gbogbo ọlọ́jà ò kàn kọ owó gidi kí gbogbo wa sinmi? Ilé ìtajà ńlá kan tó ń jẹ́ JCPenney dán an wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, Ron Johnson tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà yẹn yọ ẹ̀dínwó àti kúpọ́ọ̀nù kúrò, ó gbé owó ọjà wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ò rí ìlà mọ́, wọn ò rí nǹkan tí wọ́n máa fi wọn owó, ọ̀pọ̀ ò wá mọ́. Ohun tí wọ́n tà lọ́dún yẹn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ọdún tó ṣáájú, nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2013 wọ́n ti ní kí Johnson máa lọ, wọ́n sì dá ẹ̀dínwó pa dà.

Nínú ọjà tiwa náà, owó tí ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ pè, èèkàn ni, kò kàn ní ìlà lórí ni. Ibi tá a ti máa ń ṣìṣe ni pé a máa ń dá owó tí wọ́n pè sí méjì, a wá rò pé a gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ìlàjì yẹn ṣì so mọ́ nọ́ńbà tiwọn. Mo lọ ra ańkárá yáàdì mẹ́fà lóṣù tó kọjá, mo ti béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, mo mọ̀ pé 13,000 sí 14,000 ni. Màmá yẹn pè é ní 24,000. Ká ní mo dá a sí méjì ni, 12,000 ni màá sọ, a ó wá pàdé láàárín, 18,000 mà nìyẹn. Mo ní, "Màmá, 13,000 ni mo mú wá." Wọ́n ní, "Ha, Àǹtí, kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fowó sí i." Wọ́n bọ́ sí 20,000, wọ́n bọ́ sí 17,000, mi ò tẹ̀ lé wọn gbé e sókè, mo ń tún 13,000 mi sọ, mo dúpẹ́, mo yísẹ̀ pa dà. Mi ò tíì rìn dé ìsọ̀ kẹta tí mo fi gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi: "Àǹtí, ẹ wá, ẹ mú 14,000 wá."