Kí ẹ tó tún ra hándáọ́tì mìíràn: àṣìṣe nípa iná sẹ́ẹ̀lì pésímékà ọkàn

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ìdánwò fisiọ́lọ́jì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa ní Ifẹ̀ níbí a tò sílé fotokópì, wọn a ra hándáọ́tì aláràbarà. Àwòrán iná ọkàn ẹyọ kan ló máa ń wà nínú rẹ̀, ti iṣan fẹ́ńtríkù. Òun náà ni wọ́n á há sórí, tí wọ́n á sì yà fún pésímékà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá iná sílẹ̀ kí ọkàn lè máa lù.

Àkọ́kọ́: ẹ má fa ilà tó tẹ́jú sí fésì 4 pésímékà, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Kì í sinmi, ṣe ló ń gun òkè díẹ̀díẹ̀.

Ìkejì: ẹ má kọ −90 mílífóòtì sí i. Bó bá wálẹ̀ tó, kì í ju nǹkan bí −60 sí −65 lọ.

Ìkẹta, nípa fésì 0, ìgbà tí iná ń gbéra sókè, ló ń bí mi nínú: "Sódíọ̀mù ló ń gbé fésì 0." Mo bi ọmọ kan pé báwo? Ó ní, "Bọ̀dá, bó ṣe wà nínú hándáọ́tì nìyẹn." Owó yẹn ì bá ra ìrẹsì!

Ẹ wò ó. Fẹ́ńtríkù ní ilẹ̀kùn pòtásíọ̀mù kan, IK1, tó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà ìsinmi. Òun ló fà á dé −90. Níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ti ń bọ́ nínú àhámọ́, tí iná fi ń ròkè wàrà. IK1 kò tó nǹkan nínú pésímékà, kò lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní −60, púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn sódíọ̀mù tó ní ṣì wà ní títì. Kálísíọ̀mù ló wá ń gbé e sókè láti nǹkan bí −40, ilẹ̀kùn tirẹ̀ kì í sì yára ṣí.

Ẹ fi ìdọ́gba Nernst dán an wò lórí fẹ́ńtríkù fúnra rẹ̀; 140 ni pòtásíọ̀mù (K) inú sẹ́ẹ̀lì, ti ìta ló ń yí padà, ní mmol/L, ìdáhùn sì jẹ́ mílífóòtì:

```
K ìta 4:   −61.5 × log(140 ÷ 4)  ≈ −95
K ìta 12:  −61.5 × log(140 ÷ 12) ≈ −66
```

Bí pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá ga dé 12, sódíọ̀mù fẹ́ńtríkù náà á há mọ́lẹ̀, iná rẹ̀ á máa fà. Síbẹ̀ kò ní di pésímékà, torí IK1 ṣì dì í mú.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún ni: sódíọ̀mù níṣẹ́ nínú pésímékà o, fésì 4 ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilẹ̀kùn If ló ń gbà wọlé, èyí tó jẹ́ pé bí iná bá ti ń lọ sílẹ̀ ló ń ṣí.

Ẹ má sì wá fésì 1 àti 2 ti fẹ́ńtríkù kiri nínú pésímékà.

Tí ẹ bá ṣì ń bá mi jiyàn, ẹ wo oògùn. Lídókéènì ń dí ilẹ̀kùn sódíọ̀mù, síbẹ̀ ní ìwọ̀n tí dókítà ń lò, pésímékà kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Fẹ̀rápámílì tó ń dí ti kálísíọ̀mù ló ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.