Bí àlàpà ilé bàbá mi ṣe fẹ́ẹ̀ sọ mí di onígbèsè

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú. Bọ́ìsì kọ́tà tí bàbá mi kọ́ sẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn ni mo ní ká wó, onítípà wá wò ó nígbà tó ṣì dúró, ó ní ẹrù mẹ́ta ni, mo gbà. Wọ́n wó o tán, ó padà dé, ó ní márùn-ún ni. Mo ní ṣé ilé máa ń bímọ ni? Àṣé kò parọ́ o. Dẹ́kìn àti ògiri yẹn nígbà tí wọ́n dúró kò ju kúbíìkì mítà 12 lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fọ́ nǹkan báyìí, àyè á wà láàárín èkúfọ́ kan sí èkejì, ó wú di bíi 18, típà kékeré tiẹ̀ ò sì gbà ju 4 lọ. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò kàn sọ ni, ìyẹn ló dùn mí.

Mo jẹ́ kó kó ẹrù kan lọ, mo ní ó tó. Dẹ́kìn yẹn ṣáà jẹ́ kọnkéré gidi, 8 mítà sí 6, ó nípọn sẹ̀ǹtímítà 15, èmi náà sì ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ni mo tún ń fi gbogbo owó mi ra gíránáìtì sí? Mo wá bàbá kan tó ní ẹ̀rọ ìfọ́kùta tó ń lo dísù.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá dé, ó wo òkìtì yẹn, kò tiẹ̀ sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Ta ló da èyí pọ̀ báyìí?"

Àwọn lébírà ni. Kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, táìsì, pákó, pi-o-pi sílíìnì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rọ́ jọ. Mo ní ẹ dákun sà, ẹ bá wa lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, tó o bá po pi-o-pi mọ́ sìmẹ́ńtì, tó bá ti rí omi, á máa wú lábẹ́lẹ̀, á sì la fúlọ́ọ̀ rẹ." Ó kó ẹ̀rọ ẹ̀ lọ, mo sì san owó ìrìnnà fún nǹkan tí kò ṣe.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi ṣà á lọ́wọ́! Pi-o-pi ló burú jù torí ó ti rún, funfun ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, ibi tó pọ̀ sí ńṣe la kúkú kó o dànù. Ti búlọ́ọ̀kù rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ: ẹ fi hámà gbá a, búlọ́ọ̀kù á dún gbì, á sì ya yanrìn, kọnkéré á dún bí irin, tó bá là ẹ máa rí gíránáìtì nínú ẹ̀. Ká ní àwọn ọmọ yẹn ti ṣe èyí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wó ilé, kọnkéré lọ́tọ̀, búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀, kò ní ná mi ní kọ́bọ̀. Èmi ni mi ò sọ fún wọn, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí wọn.

Irin náà fojú wa rí màbo. A pe bàbá ẹlẹ́rọ padà, ó ní kí èkúfọ́ kankan má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ká sì gé gbogbo rọ́ọ̀dù tó yọ síta. A gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo, ó há sẹ́nu ẹ̀rọ, bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, wákàtí méjì lọ. Ó dáa tí mo ta irin tó kù fáwọn oníkóńdẹ̀mù, owó dísù jáde níbẹ̀.

Fífọ́ ẹ̀ gan-an ò ju ọjọ́ kan lọ. Ọkùnrin ni mí lọ́jọ́ yẹn, òkúta ń dà bí àgbàdo! Mo fẹ́ lo lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ bíi yanrìn, ẹnjinía wa ní rárá, ká jọ̀ ọ́ kúrò, ká fi dí abẹ́ fúlọ́ọ̀. Òkúta ẹ̀ náà, ó ní nínú pánù gíránáìtì márùn-ún kí ọ̀kan péré jẹ́ tiwa, fún jámánì fúlọ́ọ̀ nìkan, pílà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó kù, a tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, a gún un mọ́lẹ̀ dáadáa.

Pípò àkọ́kọ́, kò pẹ́ rárá tó fi gan, bíríkìlà ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kó tún da sí i, ẹnjinía pariwo mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta yẹn ló ń fa omi mu, tẹ́ ẹ bá sì ń fomi kún un ṣáá, kọnkéré á dẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, alẹ́ la ti ń rin òkìtì náà gbingbin, a ó fi ọ̀rá bò ó, ilẹ̀ mọ́ a lò ó, kò sì gan mọ́.

Èkúfọ́ búlọ́ọ̀kù yẹn, mo fi dí kòtò iwájú géètì. Onítípà fi mọ́tò kọjá lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kí mi, mi ò dáhùn.