Bí kámẹ́rà tàbí maiki bá kọ̀ nínú ìpàdé Zoom

Ẹ kọ́kọ́ pa Zoom dé pátápátá. Lórí Windows 11, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ Camera, kí ẹ ṣí i. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò fi ibi tí àìsàn wà hàn yín.

Bí ojú yín bá yọ, kámẹ́rà ò bàjẹ́, dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó, náà ò sì ṣe nǹkan kan, torí náà ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe rí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn, nígbà tó ń múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ojú ẹ̀ ń yọ nínú Camera, àmọ́ dúdú ni Zoom ń fi hàn. A wọ Settings, a tẹ Privacy & security, a tẹ Camera. Camera access wà ní títàn. Let apps access your camera náà wà ní títàn. A wá Zoom láàárín àwọn áàpù tó tò sísàlẹ̀ rẹ̀, a ò rí i. Ibi tó ń dà á rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí. Zoom tí èèyàn gbà láti ìkànnì wọn kì í ní bọ́tìnì tirẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ Let desktop apps access your camera ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn gan-an ló wà ní pípa. A tàn án, a tún Zoom ṣí, ojú yọ. Maiki ní ojú ewé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Microphone. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ojú ti yọ, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. A tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì maiki nínú Zoom, a sì rí i pé ìyẹ́tí Bluetooth tó wà nínú báàgì rẹ̀, tí kò pa, ni Zoom yàn. A yan maiki láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ ní Microphone Array, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àṣìṣe 0xA00F4243 ni Camera kọ, áàpù mìíràn ló di kámẹ́rà mú. Ẹ pa áàpù náà dé. 0xA00F4244 ló le díẹ̀: Windows ò rí kámẹ́rà kankan. Ẹ wo bọ́tìnì tó ní àwòrán kámẹ́rà lórí kíbọ́ọ̀dù, torí àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí ìyẹn ń pa kámẹ́rà. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Cameras. Ọfà tó dojú kọlẹ̀ lára orúkọ kámẹ́rà túmọ̀ sí pé wọ́n pa á. Enable device ni yóò jí i. Bó bá jẹ́ àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ yan Uninstall device, ẹ má fàmì sí àpótí tó ní kí ẹ pa dráífà rẹ́, kí ẹ sì Restart. Windows yóò tún dráífà náà gbé sórí fúnra rẹ̀.

Bí orúkọ kámẹ́rà ò bá sí níbẹ̀ rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè jẹ́ wáyà inú ìdérí láptọ́ọ̀pù ló já. Ìyẹn ti di iṣẹ́ àwọn tó ń tún un ṣe ní Lágere.