Bí a ṣe ń ka ọjọ́ tí owó ọjà ń lò lóde kó tó padà sápò

Ẹni tó bá ń ta ohun jíjẹ ní páálí páálí nílùú Iléṣà yóò mọ ọ̀rọ̀ yìí: ọjà ń tà, èrè wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá bá dé, owó tí a ó fi gbà á kò sí. Ẹnikẹ́ni ò jí owó náà. Ó wà nínú páálí tó wà nílẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ra àwìn. A lè ka iye ọjọ́ tó ń lò níbẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti san owó ọjà títí di ìgbà tí oníbàárà san tiẹ̀ fún yín.

Ohun tí a ó kà jẹ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí ọjà ń pẹ́ nílẹ̀, ọjọ́ tí owó ń pẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, àti ọjọ́ tí àwọn tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn fi ń dúró kí ẹ tó san owó wọn. A ó ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, a ó sì yọ ẹ̀kẹta kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ó pé ìsọ̀ kan wà nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà, tó ń ta ṣúgà, mílíkì alágolo, mákàróní àti tòmátì alágolo, ká sì gbé 90 ọjọ́ ìtajà rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọjà tó wà nílẹ̀

Ẹ ka ọjà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ tún un kà ní ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹ sì fi iye tí ẹ rà á kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á. Ìsọ̀ wa yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà ₦3,000,000, ó parí pẹ̀lú ₦4,200,000. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ó di ₦3,600,000. Láàárín 90 ọjọ́ náà, ọjà tó tà wọlé ní ₦18,000,000, iye tó sì ra àwọn ọjà tó tà yẹn jẹ́ ₦16,200,000.

3,600,000 ÷ 16,200,000 × 90 = 20 ọjọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n á fi owó títà, ₦18,000,000, pín in, wọ́n á rí ọjọ́ 18, inú wọn á sì dùn. Iye tí a rà á la fi ka ọjà ilẹ̀, nítorí náà iye tí a rà á náà la gbọ́dọ̀ fi pín in. Bí èrè bá wọ inú rẹ̀, ọjọ́ méjì sọnù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ka ọjà tún ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kà á ní àárọ̀ tí ọkọ̀ já ẹrù, ìsọ̀ á kún bámú, ọjọ́ á gùn. Bí ẹ bá kà á nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ dé, ọjọ́ á kúrú, bẹ́ẹ̀ òwò kan náà ni. Ó sàn kí ẹ máa kà á lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi iye ìgbà tí ẹ kà á pín in. Bí ẹ bá sì ń kà á, ẹ gbé páálí òkè kúrò kí ẹ wo ti ìsàlẹ̀. Èyí tí eruku ti bò, tí ọ̀rinrin ilẹ̀ ti mú ìdí rẹ̀ rọ̀, kì í ṣe ọjà ọlọ́jọ́ 20. Ṣúgà lè máa tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí tòmátì alágolo máa jókòó fún oṣù méjì; 20 yẹn kàn da àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Àwìn tó wà lóde

Àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri láyé ọjọ́sí, kò nílò ìṣirò yìí. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwa tí a ní ìsọ̀ láti ṣọ́ kò ráyè ìyẹn, ìwé la ó fi ṣe é.

Ìwé àwìn ìsọ̀ wa fi hàn pé ₦1,800,000 wà lóde nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ₦3,000,000 nígbà tí a parí. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ó di ₦2,400,000. Owó títà la ó fi pín ti èyí, torí pé èrè ti wà nínú gbèsè tí oníbàárà jẹ.

2,400,000 ÷ 18,000,000 × 90 = 12 ọjọ́

Ọjọ́ 12 yìí dára fún àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣèdájọ́ àwọn oníbàárà yín. Àwọn tó sanwó lójú ẹsẹ̀ wà nínú ₦18,000,000 yẹn, àwọn ló fa ọjọ́ wálẹ̀. Títà àwìn nìkan jẹ́ ₦10,800,000. Bí ẹ bá fi ìyẹn pín in, ọjọ́ 20 ló máa jáde, ìyẹn sì ni iye ọjọ́ tí onígbèsè ń lò gan-an. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, ẹ ti rí i pé wọn ò tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó ṣírò, ẹ fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ tí kò ti ní àmì sísan kankan níwájú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí olúwarẹ̀ ò sì yà sí ìsọ̀ yín mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ kọ ọ́ sí àdánù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ọjọ́ àwọn tó ń san dáadáa á máa gùn nítorí ẹni tí kò ní san mọ́.

Gbèsè tí ẹ jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún yín

Ọjà tí ẹ rà la ó fi pín èyí. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ mú iye tí ẹ ra ọjà tí ẹ tà, ẹ fi ọjà ìkẹyìn kún un, ẹ yọ ọjà ìbẹ̀rẹ̀ kúrò: ₦16,200,000 + ₦4,200,000 − ₦3,000,000, ó jẹ́ ₦17,400,000. Gbèsè tí ìsọ̀ náà jẹ jẹ́ ₦900,000 níbẹ̀rẹ̀, ₦1,420,000 níparí, bí ẹ bá ro ó pọ̀ tí ẹ pín in sí méjì, ó di ₦1,160,000. Owó tí ẹ yá ní báǹkì tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò sí níbí o, gbèsè ọjà nìkan ni.

1,160,000 ÷ 17,400,000 × 90 = 6 ọjọ́

Nítorí náà, 20 + 12 − 6 jẹ́ ọjọ́ 26.

Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ra ọjà ló ń gba owó kí wọ́n tó gbé ẹrù. Bí ìsọ̀ yìí bá máa ń ní ₦580,000 lọ́dọ̀ wọn ṣáá fún ọjà tí kò tíì dé, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 3 nínú ọjà tó ń rà, a ó sì fi kún un. Ó di 29.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ fẹ́ yá. Ká ní wọ́n fún yín ní ₦1,200,000, tí ẹ ó máa san ₦100,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, láì tíì ka èlé. Bí ẹ bá fi í ra ọjà lówó lọ́wọ́, ọjọ́ 6 tí àwọn olọ́jà ń fún yín kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ 20 nílẹ̀ àti 12 lóde ló kù, 32 lápapọ̀, bí ẹrù bá tilẹ̀ dé lọ́jọ́ tí ẹ sanwó. Ẹ ó ti san ẹ̀ẹ̀mẹrin kí owó náà tó délé. ₦400,000 yẹn, inú ọjà mìíràn ló ti máa jáde, ibi tó ti máa jáde ló sì yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó.